Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ lórí ṣáàtì ìbí ẹ̀

Ìbàdàn, 9 Máàṣì 2026

Àṣàkẹ́ mi,

Má bínú pé èsì ìbéèrè ẹ, irú iṣẹ́ tó bá ẹ mu, pẹ́, aago tó o kọ́kọ́ fún mi ló dá mi dúró. O ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àfìgbà tí mo pe mọ́mì ẹ tí wọ́n ní rárá o, bàbá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ẹní àsùbáà ni wọ́n gbọ́ igbe ẹ, 6:50 ni nọ́ọ̀sì kọ sí káàdì. Wákàtí kan lé díẹ̀ yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún àwa awòràwọ̀ o, tó bá jẹ́ aago mẹ́jọ ni, àmì ìràwọ̀ Líbúrà ni ì bá máa yọ ní ìlà oòrùn, gbogbo ilé inú ṣáàtì ẹ, ìyẹn apá méjìlá tá a pín ojú ọ̀run sí, ni ì bá sì yí padà, irọ́ ni ǹ bá máa pa fún ẹ.

Tóò, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà 2001, ọjọ́ Jímọ̀. Oòrùn ẹ wà ní Fágò, Fágò náà ló ń yọ lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ojú ẹ mú! Náírà mẹ́wàá tí ò bára mu nínú àkọsílẹ̀ tí èèyàn mẹ́ta ti fọwọ́ sí, ìwọ lo máa rí i. Ṣebí nígbà tó o fi déètì ìbí ẹ ránṣẹ́ sí mi, o tún fi mẹ́sẹ́èjì kejì tẹ̀ lé e pé o gbàgbé kọ́mà kan, mo rẹ́rìn-ín títí.

Ibi tó dùn jù nìyí. Mẹ́kúrì ló ni Fágò, òun náà ló ni Ìbejì tí àwọn òyìnbó ń pè ní Jẹ́mínì, Ìbejì yẹn ló sì wà ní ilé kẹwàá ẹ, ilé iṣẹ́. Mẹ́kúrì fúnra ẹ̀ wá jókòó sí Líbúrà, àmì òṣùwọ̀n, ní ilé kejì tí í ṣe ilé owó. Nípa kó o máa wọn nǹkan ni owó máa fi wọlé fún ẹ, ì báà jẹ́ nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ tàbí ìwé àdéhùn. Sitatísítíìkì tó o kà yẹn ò ṣìnà rárá, iṣẹ́ ìwádìí, ọ́díìtì, kódà kó o máa tún ìwé àwọn ẹlòmíì kọ, gbogbo ẹ̀ bá ẹ mu. Másì ẹ náà wà ní Kápíríkọ̀nù, ibi tí agbára ẹ̀ ti pọ̀ jù, o lè forí tì í níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti máa sọ ọ́ nù.

Àmọ́ Sátọ̀n wà ní ilé iṣẹ́ yẹn, ó sì ń wo Oòrùn ẹ ní ìwò ìjà. Ìgbéga ẹ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń pẹ́, ọ̀gá ẹ ò ní máa yìn ẹ́, ìwọ gan-an ò sì ní máa yin ara ẹ. Wọ́n á polówó iṣẹ́, wọ́n á béèrè nǹkan mẹ́jọ, o ní méje, o máa pa fóònù dé. Jọ̀ọ́, máa fi ìwé ẹ ránṣẹ́ jàre.

Nǹkan míì. Láàárọ̀ tí wọ́n bí ẹ, kílẹ̀ tó mọ́, Àgùàlà àti òṣùpá tín-ín-rín jọ wà lójú ọ̀run níhà ìlà oòrùn, àwọn méjèèjì wà nínú Kìnnìún, ilé kejìlá ẹ, ilé ìkọ̀kọ̀. O ṣáà mọ̀ pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Bó ṣe máa rí níbi iṣẹ́ ẹ nìyẹn tó ò bá ṣọ́ra: ìwọ á ṣe ripọ́ọ̀tù, ẹlòmíì á gbà á kà níwájú ọ̀gá. Orúkọ ẹ ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀ sójú ewé kó o tó fi ránṣẹ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni Nẹ́pútúùnù tó dojú kọ òṣùpá ẹ gbágbáágbá láti ilé kẹfà, ilé iṣẹ́ òòjọ́. Kùrukùru ni o. Èmi náà ní irú ẹ̀ nínú ṣáàtì mi, mo ti bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́jọ rí láìsí ìwé àdéhùn kankan, ẹnu lásán, ìgbà tí mo béèrè owó ó ní ṣe mo rò pé iṣẹ́ là ń ṣe ni, pé ẹbí ni wá. Torí náà ọ̀gbẹ́ni tó ní kó o san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ná kó o tó máa gba dọ́là yẹn, mi ò nílò ìràwọ̀ kankan kí n tó sọ fún ẹ pé má san kọ́bọ̀.

Ní ti àkókò, Júpítà ti padà síbi tó wà nígbà tí wọ́n bí ẹ, nínú Akàn, ilé ọ̀rẹ́, ó dìparí Júùnù kó tó kúrò. Àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní káńpù, àwọn tẹ́ ẹ jọ kàwé, pè wọ́n báyìí kó o tó parí sísin ìlú. Yúránọ́ọ̀sì máa wọ ilé iṣẹ́ ẹ níparí Épírù, á sì pẹ́ níbẹ̀ fún bí ọdún méje, iṣẹ́ tó o máa bẹ̀rẹ̀ báyìí lè máà jẹ́ èyí tó o máa bá a lọ, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́. Láàárín 2030 sí 2032 ni Sátọ̀n máa padà dé ibi tó wà nígbà tí wọ́n bí ẹ, ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹsẹ̀ ẹ máa tẹlẹ̀. Iye owó oṣù, mi ò lè rí i nínú ṣáàtì, ẹni tó bá ní òun rí i ń tàn ẹ́ ni.

Mọ́mì ẹ ní kí n bá àwọn wo ìgbà tó o máa lọ́kọ. Mi ò wò ó, ìwọ ò bi mí.

Èmi ni,
Àǹtí Bọ́lá