Àyà Tó Ń Ta Ìyá Aláṣọ

Ó ti tó oṣù 6 tí àyà ti ń ta Ìyá Aláṣọ. Bí ó bá dùbúlẹ̀ lóru, bí iná ni yóò máa jó o láti ikùn dé ọ̀fun. Yóò dìde jókòó, yóò fi ọwọ́ tẹ igbá àyà. "Ebi lásán ni," ló máa ń wí. Ta ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí? Kò mọ̀ pé oògùn ara ríro tí òun ń gbé mì lójoojúmọ́, nítorí ẹ̀yìn tí ẹrù aṣọ mú kó máa dun òun, ń ba inú òun jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ló fi dandan mú un lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ọ̀fun rẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà ó fi àwòrán hàn án: ojú ọgbẹ́ funfun kékeré, etí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

"Ọgbẹ́ inú ni, mà. Ìgbà wo ló ti ń ṣe yín?"

Ìyá dákẹ́ títí. "Ọjà ni kò jẹ́ kí n tètè wá, dókítà."

Wọ́n bá kòkòrò àìfojúrí tó máa ń fa ọgbẹ́ inú nínú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n fún un ní oògùn ọjọ́ 14, wọ́n sì ní kó jáwọ́ nínú oògùn ara ríro yẹn. Lóru ọjọ́ kan lẹ́yìn tó lò ó tán, ó sùn mọ́jú.