Iṣẹ́ Kíláàsì Kẹ́mísírì: Pípe Orúkọ Haidirokábọ́ọ̀nù láti Inú Àwòrán

Kíláàsì: girama àgbà, ọdún kejì
Àkókò: ìṣẹ́jú 40
Máàkì: 30
Ẹ dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ẹ lo pẹ́ńsù láti fi nọ́ńbà sí orí kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọ orúkọ.

Ẹ ka èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Haidirokábọ́ọ̀nù ni ohun tí kò ní nǹkan mìíràn nínú ju kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn lọ. Kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan máa ń ní ìdè mẹ́rin, háídírójìn a sì ní ẹyọ kan. Bí ẹ bá rí kábọ́ọ̀nù tí ìdè rẹ̀ di márùn-ún nínú àwòrán yín, ẹ pa á rẹ́.

Iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ẹ̀wọ̀n tó gùn jù ló ń fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ: 1 ni mẹ́t-, 2 ni ẹ́t-, 3 ni próp-, 4 ni bút-, 5 ni pẹ́nt-, 6 ni hẹ́ks-. Irú ìdè tó wà láàárín àwọn kábọ́ọ̀nù náà ló ń fún wa ní ìparí. Bó bá jẹ́ ìdè oníkan ni gbogbo wọn, -éènì ni. Bí ìdè oníméjì bá wà níbẹ̀, -íìnì ni. Bó bá jẹ́ onímẹ́ta, -áìnì ni. Ẹ̀ka tó ní kábọ́ọ̀nù kan ń jẹ́ mẹ́tìlì, èyí tó ní méjì ń jẹ́ ẹ́tìlì. Bí ẹ̀ka mẹ́tìlì bá jẹ́ méjì, ẹ fi dáí- síwájú rẹ̀. Kọ́mà ló ń wà láàárín nọ́ńbà àti nọ́ńbà, àmì ìsopọ̀ kékeré ló ń wà láàárín nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀.

Ibi tí máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀wọ̀n tó gùn jù. Ojú a máa sáré wo ìlà tó tẹ́ gbọọrọ lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ya àwòrán ló pinnu ibi tó máa yí pẹ́ńsù sí, mólékù kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ wo èyí:

```
CH3-CH-CH2-CH3
    |
    CH2
    |
    CH3
```

Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin ló wà lórí ìlà tó tẹ́, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ a fẹ́ pè é ní 2-ẹ́tìlìbútéènì. Ẹ fi ìka tọ ọ̀nà mìíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti CH3 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ gòkè dé CH, ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún dé òpin. Kábọ́ọ̀nù márùn-ún lẹ kà yẹn. Pẹ́ntéènì ni orúkọ ẹ̀wọ̀n náà nígbà náà, CH3 tó kù lọ́wọ́ òsì ló sì di ẹ̀ka. Orí kábọ́ọ̀nù kẹta ló wà, ibi yòówù kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Orúkọ rẹ̀ ni 3-mẹ́tìlìpẹ́ntéènì.

Ní ti nọ́ńbà, apá tó bá sún mọ́ ẹ̀ka jù lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ṣùgbọ́n bí ìdè oníméjì tàbí onímẹ́ta bá wà níbẹ̀, òun la kọ́kọ́ ń wò, ẹ̀ka a dúró dè é:

```
    CH3
    |
CH3-CH-CH=CH2
```

Bí a bá kà láti ọwọ́ òsì, ẹ̀ka wà lórí 2, ìdè oníméjì sì bẹ̀rẹ̀ láti 3. Láti ọwọ́ ọ̀tún, ìdè oníméjì bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ọwọ́ ọ̀tún ló tọ̀nà: 3-mẹ́tìlìbút-1-íìnì. Nọ́ńbà kábọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ nínú àwọn méjì tí ìdè náà so pọ̀ nìkan la ń kọ.

Ìbéèrè 1 (máàkì 4)
Kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

```
(a)  CH3-CH2-CH3
(b)  CH≡CH
(d)  CH3-CH=CH-CH3
(e)  CH3-CH2-CH2-CH=CH-CH3
```

Ìbéèrè 2 (máàkì 3)
Kọ orúkọ rẹ̀ àti fọ́múlà mólékù rẹ̀.

```
    CH3
    |
CH3-C-CH3
    |
    CH3
```

Ìbéèrè 3 (máàkì 5)
Tún àwòrán yìí yà kí ẹ̀wọ̀n tó gùn jù wà lórí ìlà kan ṣoṣo, fi nọ́ńbà sí i, kí o sì kọ orúkọ rẹ̀.

```
CH3     CH2-CH3
|       |
CH2-CH2-CH-CH3
```

Ìbéèrè 4 (máàkì 4)
Nínú àwòrán onílà, a kì í kọ C tàbí H. Gbogbo orígun àti gbogbo òpin ìlà jẹ́ kábọ́ọ̀nù kan, háídírójìn sì ni ó ń kún ìdè tó bá ṣẹ́kù. Orígun àti òpin ni kí o kà, má ka ìlà. Kọ orúkọ (a) àti (b).

```
(a)   /\/\

(b)    __
      /  \
      \__/
```

(d) Ya alikíìnì kan, ìyẹn haidirokábọ́ọ̀nù tó ní ìdè oníméjì, tó ní fọ́múlà mólékù kan náà pẹ̀lú (b), kí o sì kọ orúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè 5 (máàkì 6)
Àwọn orúkọ yìí kò tọ̀nà. Ya ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń júwe, lẹ́yìn náà kọ orúkọ tó yẹ ẹ́.
(a) 3-mẹ́tìlìbútéènì
(b) 2-ẹ́tìlìpropéènì
(d) 1-mẹ́tìlìbútéènì

Ìbéèrè 6 (máàkì 8)
Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ fọ́múlà C5H12. Ọ̀kan ń hó ní 36 °C, èkejì ní 28 °C, ẹ̀kẹta ní 9.5 °C.
(a) Ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o sì kọ orúkọ wọn.
(b) Èwo ló ń hó ní 9.5 °C? Sọ ìdí rẹ̀.

Ìdáhùn, fún olùkọ́

1. (a) própéènì, (b) ẹ́táìnì, (d) bút-2-íìnì, (e) hẹ́ks-2-íìnì. Ẹni tó bá kọ hẹ́ks-4-íìnì ti ka ẹ̀wọ̀n dáadáa, apá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ẹ má kàn fa ìlà pupa sí i.

2. 2,2-dáímẹ́tìlìpropéènì, C5H12. A gbọ́dọ̀ kọ 2 lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀.

3. `CH3-CH2-CH2-CH(CH3)-CH2-CH3`, 3-mẹ́tìlìhẹ́kséènì. Ẹ̀wọ̀n yìí gòkè ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Máàkì 2 fún àtúnyà, 1 fún nọ́ńbà, 2 fún orúkọ.

4. (a) pẹ́ntéènì, (b) sáíkílòhẹ́kséènì, sáíkílò- ló ń fi hàn pé òrùka ni, (d) hẹ́ks-1-íìnì, tàbí alikíìnì mìíràn tí fọ́múlà rẹ̀ jẹ́ C6H12. Bí ẹ̀wọ̀n bá ká di òrùka, háídírójìn méjì ló ń pàdánù, bí ìdè oníméjì kan náà ṣe ń mú kó rí.

5. (a) àti (b) jẹ́ 2-mẹ́tìlìbútéènì. (D) jẹ́ pẹ́ntéènì. Kò sí bí mẹ́tìlì ṣe lè jẹ́ ẹ̀ka lórí kábọ́ọ̀nù 1, ńṣe ló ń mú ẹ̀wọ̀n gùn sí i. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò rò pé àwọn ṣìṣe nígbà tí ìdáhùn méjì bá bára mu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àwòrán wọn wéra.

6. (a) Pẹ́ntéènì, 2-mẹ́tìlìbútéènì, 2,2-dáímẹ́tìlìpropéènì; máàkì 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. (b) 2,2-dáímẹ́tìlìpropéènì. Ẹ̀ka rẹ̀ mú kó rí roboto, nítorí náà ibi tí mólékù kan ti lè fara kan èkejì kéré. Agbára tó ń fa mólékù mọ́ra kò le tó ti pẹ́ntéènì tó gùn, ooru díẹ̀ sì ti tó láti yà wọ́n.