Ọ̀rọ̀ Ìfihàn fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Katalin Karikó, Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ Àlejò (pẹ̀lú àmì ìsinmi àti bí a ṣe ń pe orúkọ)

Fún atọ́kùn ètò tí yóò kà á:

Ilà kan ( / ), ẹ mí díẹ̀. Ilà méjì ( // ), ẹ ka ení, èjì nínú kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ohun tó wà nínú àkámọ́ onígun [ ] kò kan àwọn tó jókòó, ojú yín nìkan ni mo kọ ọ́ fún.

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹni tó bá ṣi orúkọ àlejò pè lójú agbo, kò sí oríkì tó lè tún un ṣe. Àmì tó wà lórí ó nínú Karikó máa ń tan àwa ọmọ Yorùbá jẹ, nítorí ohùn òkè ló jẹ́ lójú tiwa. Lọ́dọ̀ àwọn ará Họ́ngárì, ohun tó ń sọ ni pé kí a fa fáwẹ̀lì náà gùn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wù kó gùn tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni a tí kò ní àmì lórí kò dún bí a tiwa, ọ ló sún mọ́. Nítorí náà: KỌ́-tọ-lin KỌ́-ri-koo. Ẹ jẹ́ kí ahọ́n kan àjà ẹnu ní òpin "lin". Ẹ má gba imú pè é bíi ti "irin".

Nínú èdè wọn, sz ni s tiwa, s lásán sì ni ṣ. Szeged di SẸ́-gẹd. Kisújszállás ló le jù: KÍ-ṣuuy-saal-laaṣ. Ẹ pè é sókè nílé títí ahọ́n yóò fi mọ ọ̀nà rẹ̀. Tó bá ṣì ń kọ́ yín lẹ́nu, ẹ sọ pé "ìlú kékeré kan" kí ẹ sì kọjá. Ìyẹn sàn ju kí a máa tá pàá-pàá lórí ìlú tí wọ́n ti tọ́ àlejò dàgbà. Weissman ni WÁÌS-man. BioNTech ni BÁ-yo-ẹn-tẹk. mRNA, ẹ pe lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹm, aa, ẹn, ee.

Ní ti ọdún, Yorùbá ni kí ẹ fi kà á, ó sì dùn létí: 1995 ni ẹgbàá ó dín márùn-ún, 1997 ni ẹgbàá ó dín mẹ́ta, 2005 ni ẹgbàá ó lé márùn-ún. Ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì ka ọ̀kan, kí ẹ wá fi Yorùbá ka èkejì.

[Ẹ dúró títí gbọ̀ngàn yóò fi parọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ wo ojú àwọn èèyàn kí ẹ tó wo ìwé.]

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, / ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, / ẹ̀yin àlejò gbogbo, / ẹ kú ìjókòó. //

Ní ọdún 1985, / tọkọtaya kan àti ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún méjì, / kúrò ní Họ́ngárì, / wọ́n forí lé Amẹ́ríkà. // Wọ́n ti ta mọ́tò wọn. / Òfin ìlú wọn nígbà náà kò sì gbà kí èèyàn kó owó ńlá jáde. // Nítorí náà, / wọ́n kó 900 pọ́n-ùn / sínú ikùn ẹranko ìṣeré onírun tí ọmọ náà gbé dání, / wọ́n sì rán an pa. //

Ìyá ọmọ náà / ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wa lónìí. //

[Ẹ má tíì dárúkọ. Àtẹ́wọ́ lè fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbí. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ má dá a dúró, ẹ má sì kún un. Láti ibí lọ, "wọn" ọ̀wọ̀ ni a ó máa lò fún àlejò. Ibi tí "wọn" bá ti lè dà pọ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíràn, mo ti dá "Ọ̀jọ̀gbọ́n" padà, ẹ má yọ ọ́.]

Ọdún 1955 ni a bí wọn. / Kisújszállás ni wọ́n ti dàgbà, / nínú ilé tí kò ní omi ẹ̀rọ, / tí kò ní fíríìjì, / tí kò ní tẹlifíṣọ̀n. // Alápatà ni bàbá wọn. // Ní Yunifásítì Szeged ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ bayọ́lọ́jì, / ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1982. / Wọ́n ń ṣe ìwádìí nìṣó nílùú náà / títí owó ìwádìí fi tán ní 1985. / Bí ìrìn Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. // Yunifásítì Temple ní Filadẹ́lfíà ni wọ́n kọ́kọ́ dé. / Ní 1989, / wọ́n kọjá sí Yunifásítì Pẹnsilféníà. //

[Ẹ ka ìpín yẹn kíákíá, ó kàn ń gbé wa débi iṣẹ́ ni. Èyí tó ń bọ̀ ni kí ẹ rọra kà. Àwọn kan nínú gbọ̀ngàn kì í ṣe oníṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ kí wọ́n lóye àsọyé náà.]

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń lé: / mRNA. // Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, / DNA ló tọ́jú ìlànà gbogbo purotéènì tí ara ń lò. / Ṣùgbọ́n DNA kì í kúrò láàyè rẹ̀. / mRNA ló ń gba ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, / tó ń gbé e lọ bí àròkò / síbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì. // Èrò Ọ̀jọ̀gbọ́n ni pé, / bí a bá lè kọ àròkò yẹn fúnra wa, / ara aláìsàn / yóò ṣe oògùn rẹ̀ / fúnra rẹ̀. //

[Ẹ̀ẹ̀mejì ni "fúnra" wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èkejì lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí ẹ bá gbé méjèèjì sókè, ìtumọ̀ á sá lọ.]

Ìṣòro wá wà. / Bí a bá ṣe mRNA ní láàbù, / tí a fi í sínú sẹ́ẹ̀lì, / ara á rí i bí àjèjì. / Á bínú sí i, / á gbógun tì í, / ibẹ̀ á wú. // Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò lójútùú. //

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé béèrè owó ìwádìí. / Kò sí. // Wọ́n tún kọ. / Kò sí. // Ní 1995, / ilé ẹ̀kọ́ já wọn wálẹ̀ ní ipò. // Wọ́n sì padà sínú láàbù. //

[Ibí ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ka "Kò sí" bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì, láìsí ẹkún, láìsí ìbínú. Lẹ́yìn "já wọn wálẹ̀ ní ipò", ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mo mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn á gùn lójú yín níwájú èèyàn. Ẹ fara dà á. Ọ̀pọ̀ ìfihàn tí mò ń gbọ́ máa ń fò kọjá àwọn ọdún báyìí, wọ́n á sáré débi ẹ̀bùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ ìwé rẹ̀ padà fún un lọ́sẹ̀ yìí wà nínú gbọ̀ngàn náà, ó sì yẹ kó gbọ́ èyí dáadáa.]

Ní 1997, / níbi ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé, / Ọ̀jọ̀gbọ́n pàdé Dókítà Drew Weissman, / onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń gbèjà ara rẹ̀. / Òun ń wá ọ̀nà àjẹsára. / Ọ̀jọ̀gbọ́n ní mRNA lọ́wọ́. // Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ pọ̀. //

Lẹ́tà mẹ́rin ni a fi ń kọ mRNA. / Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ yúrídíìnì. / Wọ́n yọ ọ́, / wọ́n fi ìbátan rẹ̀ kan, sudoyúrídíìnì, rọ́pò. // Ara dákẹ́. // Ọdún 2005 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde. / Àwọn ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ ní 2008 àti 2010 sì fi hàn pé / purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì ń rí ṣe láti inú rẹ̀ tún pọ̀ sí i. //

[Sudoyúrídíìnì: SÚ-do-YÚ-ri-diin. Ẹ pín in sí méjì, sudo, yúrídíìnì, ẹ má mí láàárín. Lẹ́yìn "Ara dákẹ́", kí ẹ̀yin náà dákẹ́.]

Ní 2013, / Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ bá ilé iṣẹ́ BioNTech ní Jámánì. // Nígbà tí kòrónà dé, / tí ayé tì lẹ́kùn mọ́rí, / iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò kà á sí / ti wà nílẹ̀. / Kí ọdún 2020 tó parí, / abẹ́rẹ́ àjẹsára onímRNA ti ń wọ apá àwọn èèyàn. // Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, / wọ́n kéde pé Katalin Karikó àti Drew Weissman / ló jọ gba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì fún ìmọ̀ ìṣègùn. //

[Ẹ pe Weissman pẹ̀lú wọn, àwọn méjèèjì ló gba á, kò yẹ kí a fi ọ̀kan pamọ́ nítorí pé èkejì ni àlejò wa. Àwọn ẹ̀bùn tó kù pọ̀, Lasker ti ọdún 2021 wà nínú wọn. Mo yọ gbogbo wọn. Mo yọ ọmọbìnrin wọn náà, Susan Francia, tó gba góòlù Òlíḿpíìkì nínú ìtukọ̀ ní 2008 àti 2012. Ó wù mí kí n fi í síbẹ̀, àmọ́ ìdùnnú rẹ̀ á gba ọ̀rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè nígbà ìbéèrè, ẹ sọ ọ́ nígbà náà.]

Wọ́n ti padà sí Szeged báyìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n, / ní yunifásítì tó kọ́ wọn. // Lónìí, / wọ́n fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mRNA tún lè ṣe / yàtọ̀ sí àjẹsára kòrónà. / Lẹ́yìn àsọyé, / ààyè ìbéèrè wà. / Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ béèrè. //

[Ẹ ká ìwé nílẹ̀ níbí. Ìlà tó kù, orí ni kí ẹ ti mú un. Ẹ kọjú sí àlejò, ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, kí ẹ tó pe orúkọ. Ohùn kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ní "koo".]

Ẹ jọ̀wọ́, / ẹ bá mi dìde, / kí a kí / Ọ̀jọ̀gbọ́n / Katalin Karikó. //

[Ẹ dúró títí wọ́n á fi dé ibi makirofóònù. Ẹ tọ́ ọ sísàlẹ̀ fún wọn kó bá ẹnu wọn mu, kí ẹ wá gba ọwọ́ òsì sọ̀kalẹ̀.]