Ìyá Ìbejì, nípa iṣẹ́ tí ẹ ní ká fi kún ilé àti owó òrùlé

Mọ́níyà, Ìbàdàn
12 Oṣù Kẹta, 2026

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ gbogbo ohùn mẹ́rin tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù láti ọjọ́ Àìkú, mo sì tún wọn gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo fẹ́ fi ìwé dáhùn kí àwa méjèèjì lè máa rí i kà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí àdéhùn tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá: ilé yàrá mẹ́ta, láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé, ₦24,500,000. Ẹ ti san ₦18,375,000, ilé sì ti dé líńtẹ̀lì bí mo ṣe ṣèlérí. ₦6,125,000 tó kù, owó pákó àti páànù ni.

Láti ìgbà náà, ẹ ní ká yí ilẹ̀kùn kíṣìnì sí ẹ̀yìn, a yí i. Ẹ ní ká fi fèrèsé kan kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, a fi kún un. Owó iṣẹ́ méjèèjì tó ₦65,000, mi ò bèèrè rẹ̀, mi ò sì ní bèèrè rẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nígbà náà, torí mo dákẹ́ ni ẹ ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ wà nínú owó àkọ́kọ́.

Ní báyìí, ẹ ní ká mọ ọgbà yí ilẹ̀ ká, ká kọ́ yàrá kan àti pálọ̀ sẹ́yìn fún ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé, kí a sì fi owó òrùlé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mi ò lè fi owó òrùlé ṣe ọgbà, mà. Òjò ti ń bọ̀. Bí ògiri bá wà lábẹ́ òjò títí di oṣù kẹwàá láìsí páànù, omi yóò máa gba orí búlọ́ọ̀kù wọlé, ẹ óò sì tún san owó àtúnṣe tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ti dẹ́kíìn tí ẹ dárúkọ nínú ohùn kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀ lórí ilé yìí. Ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ ni mo fi lélẹ̀: kò sí òpó onírin tó ti ìpìlẹ̀ wá, púláànì tí ìjọba fọwọ́ sí kò sì ní òkè. Kò sí iye tí ẹ lè san tí n óò fi gbé e. Àwọn ìbejì ni yóò máa sùn lábẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Àbúrò yín ti sọ fún mi pé àwọn kan wá ń wọn ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tiwa. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wọn ọgbà náà lánàá. Ilẹ̀ yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100, aládùúgbò apá ọ̀tún sì ti mọ tirẹ̀. Tí a bá yọ ẹnu géètì kúrò, ẹsẹ̀ bàtà 186 ló kù fún wa, ìyẹn búlọ́ọ̀kù 120 ní ìlà kan. Ìlà mẹ́wàá jẹ́ 1,200. Pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì, yanrìn, òpó àti owó bíríkìlà, ₦2,650,000 ni.

Bí ìyẹn bá pọ̀ lásìkò yìí, a lè fi ìpìlẹ̀ ọgbà lélẹ̀, ká sì mọ ìlà méjì péré sórí rẹ̀: ₦780,000. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ yóò rí ibi tí ilẹ̀ yín parí sí, a ó sì máa mọ ọ́n lọ sókè nígbà tí owó bá wọlé. Bó bá jẹ́ tèmi ni, èyí ni mo máa mú. Ọ̀sẹ̀ kan la ó fi ṣe é, kò ní dá òrùlé dúró, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti wà nílẹ̀, nítorí náà n kò ní gba owó ọkọ̀ wọn lọ́wọ́ yín.

Ilé ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé, ẹ jẹ́ ká parí òrùlé ná. N óò ya àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, n óò sì kọ iye rẹ̀ lọ́tọ̀.

Láti òní lọ, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi kún iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ fàlàlà. N óò kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò gbà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Tí ẹ bá kọ̀wé pé ẹ gbà, tí owó rẹ̀ sì wọlé, a ó bẹ̀rẹ̀. ₦24,500,000 kò ní yí padà.

Oníṣòwò páànù ti bá mi di iye ti tẹ́lẹ̀ mú títí di ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù yìí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ tó parí, ẹ kọ̀wé sí mi lórí nǹkan méjì: ṣé kí n ra páànù pẹ̀lú ₦6,125,000 bí a ṣe jọ sọ, àti ṣé ọgbà ìlà méjì ni ẹ mú, tàbí ìlà mẹ́wàá, tàbí ká fi sílẹ̀ ná. Mo ti so fọ́tò líńtẹ̀lì àti ìwé ìṣirò ọgbà mọ́ lẹ́tà yìí.

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Àìná, kọngilá yín