Àtòjọ Àṣẹ: Orin, Fídíò Àtijọ́ àti Iṣẹ́ Ọnà inú Fíìmù Wa

Fún olùdarí, ẹ́dítọ̀ àti àbúrò wa tó ń bójú tó ẹrù inú ilé. Ọ́fíìsì wa, Àkúrẹ́.
Fíìmù: ìṣẹ́jú 84, ìtàn ìyá oníkòkó tí ilé rẹ̀ jóná ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983.
Ọjọ́ tí gígé fíìmù gbọ́dọ̀ parí: 30 oṣù Kẹsàn-án.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹ má ṣe fi àmì sí ohunkóhun torí pé ẹnì kan sọ lórí fóònù pé "ẹ máa lò ó, ọmọ wa ni yín." Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ló ń mú àmì wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu la gbà fún fíìmù kúkúrú wa àkọ́kọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lórí YouTube tí orin inú rẹ̀ fi dákẹ́ wẹ́lo.

Ohun tí ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ: ta ló ni ín, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó la fẹ́ lò, orílẹ̀-èdè wo, ọ̀nà wo (sinimá, tẹlifíṣọ̀n, intánẹ́ẹ̀tì, àjọ̀dún fíìmù, ìpolówó fíìmù náà pẹ̀lú), ọdún mélòó, àti eélòó. Bí owó àṣẹ fún gbogbo ayé bá ju agbára wa lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ti àjọ̀dún fíìmù nìkan, kí iye tí a óò fi kún un lẹ́yìn ọ̀la sì wà nínú ìwé kan náà.

ORIN

Ìran 7, inú mọ́tò akérò. Orin jùjú tó jáde ní 1979, àáyá 48. Ẹni méjì ló ni ẹ̀tọ́ níbí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ìyẹn másítà, yàtọ̀ sí ẹni tó kọ orin. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, másítà yìí ṣì ní olówó títí ìparí 2029, torí ọdún 50 ni wọ́n fún un lẹ́yìn ọdún tó jáde. Orin fúnra rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ olórin títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú bàbá wọn.
[✓] Másítà: ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ti fọwọ́ sí i.
[ ] Orin: ọmọ méjì nínú mẹ́ta ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀kẹta wà ní Ìbàdàn; èmi fúnra mi ń lọ lọ́jọ́ Sátidé.
[ ] Ẹ́dítọ̀ ti ní orin mìíràn nílẹ̀ bí kò bá ṣeé ṣe.
Ìwé tí hótẹ́ẹ̀lì ń gbà lọ́wọ́ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń gbowó orin fún àwọn olórin, láti máa lu orin fún oníbàárà kò kan síso orin mọ́ àwòrán. Ẹ má fi han mí mọ́.

Ìran 19, orin ọdún tí àwọn ìyá kọ. Lóòótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n òfin dáàbò bo orin ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òwò sì ni fíìmù.
[ ] Lẹ́tà sí Àjọ Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà.
[✓] Ìyá méjèèje ti tẹ̀ka lẹ́yìn tí a kà á fún wọn ní ohùn Àkúrẹ́.
[ ] Orúkọ ìlú tó ni orin, lópin fíìmù.

Ìran 31, fóònù tó dún. Ẹ yọ orin yẹn. Kí ó máa gbọ̀n lásán.

FÍDÍÒ ÀTIJỌ́

Ìran 2, àáyá 38: iná Àkúrẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé Ọmọ́boríowó ló borí Ajásin nínú ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bàbá ayàwòrán tó ti fẹ̀yìn tì ló fún wa ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọlọ́run bá wa san án, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ló ni, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó rán an níṣẹ́ ló ni fídíò.
[ ] Àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, pẹ̀lú rìsíìtì.
[ ] Ẹ gbọ́ ohùn abẹ́ rẹ̀ dáadáa: bí orin bá wà níbẹ̀, yíyọ ló kù.
[ ] Ojú ọkùnrin tó gbé ògùṣọ̀: ẹ bò ó. Bí ohùn asọ̀tàn wa bá pè é ní ajónilé, ọkùnrin náà lè gbé wa lọ sí kóòtù.

Fọ́tò inú ìwé ìròyìn 1983, ìran 3: ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò pé ní ìparí 2033.
[ ] Kí á mọ̀ bóyá ayàwòrán ni tàbí ìwé ìròyìn ló ni ín.
Kò sí òfin kankan tó ní àáyá márùn-ún kò ní olówó, ẹ jọ̀wọ́.

IṢẸ́ ỌNÀ

Ìran 12, àwòrán ara ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó yá wa rà á ni. Rírà kò sọ ọ́ di oní ẹ̀tọ́ àdàkọ.
[✓] Ayàwòrán náà, ní Oǹdó, ti fọwọ́ sí i.
[ ] Ìwé ìyáni pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n: ọjọ́ tí a óò dá a padà, ẹni tí yóò san án bí ó bá ya.

Ìran 22, ère tó dúró ní gbangba ní oríta: òfin gbà wá láyè. Ẹ fi sílẹ̀.

Kàlẹ́ńdà ọṣẹ àti pósítà ṣọ́ọ̀ṣì, ìran 12 kan náà: ẹ yí wọn dojú kọ ògiri. Àbúrò, ọ̀la ni a ó tún un yà, kí o tètè dé.