Kùtùbá Jímọ̀ lórí Sàká Oníṣòwò: ìtumọ̀ Yorùbá

*Fún ẹni tó máa kà á sókè lẹ́yìn Lèmọ́mù:* Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun nínú Àlùkùránì wà láàárín « », súrà àti nọ́ńbà áàyà sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ Ànọ́bì wà láàárín “ ”. Ohun tí ògbufọ̀ fi kún un kó lè yéni wà nínú [ ]. Èyí tí kò ní àmì kankan, àlàyé Lèmọ́mù ni. Sinmi díẹ̀ kí o tó ka áàyà, kí o sì sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó parí, bí a ti kọ ọ́. Bí o bá ka gbogbo rẹ̀ ní ohùn kan náà, àwọn tó wà lẹ́yìn máa délé, wọ́n á ní Àlùkùránì ló dárúkọ gíráàmù.

Kùtùbá kìíní

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, à ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A sá di Í kúrò níbi aburú ẹ̀mí wa àti níbi iṣẹ́ ọwọ́ wa tí kò dára. Mo jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọ́sìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo. Mo jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Muhammádù, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a.

Ọlọ́hun sọ pé:

«Ẹ̀yin tí ẹ gbàgbọ́ lódodo, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun bó ṣe tọ́ kí a bẹ̀rù Rẹ̀, ẹ má sì kú àfi kí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí.» (Súrátù Áálì Ìmúránà 3:102)

Áàyà parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, oṣù Ṣàábánì la wà yìí. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló máa ń ṣírò sàká wọn ní Rámádánì. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n ṣe kó tó dé. Ọlọ́hun pàṣẹ fún Ànọ́bì Rẹ̀ pé:

«Gba sàárà nínú dúkìá wọn, kí o fi fọ̀ wọ́n mọ́, kí o sì fi sọ wọ́n di ẹni rere. Ṣe àdúrà fún wọn. Dájúdájú ìfọ̀kànbalẹ̀ ni àdúrà rẹ jẹ́ fún wọn. Ọlọ́hun ni Olùgbọ́, Onímọ̀.» (Súrátù Táóbà 9:103)

Áàyà parí síbẹ̀. Sàárà tí áàyà yìí ń wí, àwọn onímọ̀ púpọ̀ ní sàká ọ̀ranyàn ni. Áàyà náà kò sọ iye. Ẹnu Ànọ́bì la ti gbọ́ iye. Ó sọ nínú hádíìsì tí Bùkáárì àti Mùsílímù gbà wá:

“Kò sí sàká lórí fàdákà tí kò tó úkíyà márùn-ún.”

Hádíìsì parí síbẹ̀. Dírámù 40, ìyẹn owó fàdákà, ni úkíyà kan, márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 200. Hádíìsì mìíràn, tí Abú Dáúdà gbà wá láti ọ̀dọ̀ Álíyù, sọ pé dírámù 5 ni wọ́n á yọ nínú 200, ìdajì dínárì, ìyẹn owó wúrà, nínú 20, nígbà tí ọdún bá yípo lé e lórí. Ẹ bá mi pín in: ìdá kan nínú ogójì ni méjèèjì. Àwọn onímọ̀ òde òní ló wá wọn dínárì 20 sí nǹkan bíi gíráàmù wúrà 85, dírámù 200 sí nǹkan bíi gíráàmù fàdákà 595. Ìṣirò wọn ni gíráàmù, kì í ṣe áàyà, kì í ṣe hádíìsì.

Ọdún tí à ń wí, ọdún òṣùpá ni [Mùhárámù sí Súlù Híjà, kì í ṣe Jánúárì sí Dìsẹ́ńbà]. Ọjọ́ 354 tàbí 355 ni. Ẹni tó bá ń fi Jánúárì ṣírò ń fi bí ọjọ́ 11 falẹ̀ lọ́dọọdún. Bó bá tó bí ọdún 33, odindi sàká ọdún kan ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bó bá wá di ọjọ́ náà, ọjà tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Kí ẹ díye lé e bó ṣe ń tà lọ́jọ́ náà. Ẹ má lo iye tí ẹ rà á lọ́dún tó kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe pọ̀ sí, torí ọjà ti gbówó lórí. Pẹpẹ ìpàtẹ, òṣùwọ̀n, fìrísà, ọkọ̀ tó ń kó ọjà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn kì í ṣe ohun títà. Ẹ ro owó ọwọ́ àti ti báńkì mọ́ ọn, àti gbèsè tí ẹ mọ̀ pé ẹni tó jẹ yín á san. Ẹ wá yọ gbèsè tó wà lọ́rùn yín.

Ẹ wo oníṣọ́ọ̀bù kan: ọjà rẹ̀ jẹ́ náírà 21,400,000, owó tó wà lọ́wọ́ àti ní báńkì 3,200,000, àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ní 1,100,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 25,700,000. Òun náà jẹ olókoòwò ńlá ní 1,700,000. Ó ku 24,000,000. Bí èyí bá tó iye gíráàmù wúrà 85 lọ́jọ́ náà, yóò pín in sí ogójì: sàká rẹ̀ jẹ́ 600,000.

Ní mázáábù Máálíkì tí à ń tẹ̀ lé, ẹni tó ń rà tó ń tà lójoojúmọ́ ló ń ṣe báyìí. Ẹni tó ra ọjà pamọ́ títí yóò fi gbówó lórí kò ní san títí yóò fi tà á; bó bá tà á, sàká ọdún kan ṣoṣo ni yóò yọ. Fíkì [òfin ẹ̀sìn] ni èyí, àwọn mázáábù mìíràn sì ní ọ̀rọ̀ tiwọn lórí rẹ̀. Ẹ má fi jà.

Ní ti ẹni tó mọ̀ tí kò yọ ọ́, Ọlọ́hun sọ pé:

«Àwọn tó ń kó wúrà àti fàdákà pamọ́, tí wọn kò ná an sí ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, fún wọn ní ìró ìyà ẹlẹ́ta-eléro.» (apá kan nínú Súrátù Táóbà 9:34)

Áàyà parí síbẹ̀. Ọmọ Úmárù, sàhábà Ànọ́bì, sọ pé owó tí a kò yọ sàká rẹ̀ ni ìkópamọ́ tí áàyà yìí ń bá wí. Ọ̀rọ̀ sàhábà nìyẹn.

Mo tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀.

[Lèmọ́mù jókòó díẹ̀. Ògbufọ̀ dákẹ́.]

Kùtùbá kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ta la ó fún? Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló pín in:

«Àwọn aláìní, àwọn mẹ̀kúnnù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àwọn tí a fẹ́ fa ọkàn wọn mọ́ra, ìdáǹdè ẹrú, àwọn onígbèsè, ojú ọ̀nà Ọlọ́hun àti onírìn-àjò [tí owó tán mọ́ ọn lọ́wọ́] nìkan ni sàárà wà fún. Ọ̀ranyàn ni láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Ọlọ́hun ni Onímọ̀, Ọlọ́gbọ́n.» (Súrátù Táóbà 9:60)

Áàyà parí síbẹ̀. Ìpín mẹ́jọ. Bàbá àti ìyá tí bùkátà wọn wà lọ́rùn rẹ kò sí nínú ẹni tí o lè fún ní sàká rẹ; ẹ̀tọ́ wọn ni kí o bọ́ wọn. Ẹ má sì kó bisikíìtì tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń kọjá lọ fún aláìní, kí ẹ ní sàká ni. Ọlọ́hun sọ pé:

«Ẹ má gbèrò láti mú èyí tí kò dára nínú rẹ̀ ná, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín kò ní gbà á àfi kí ẹ dijú sí i.» (apá kan nínú Súrátù Bàkárà 2:267)

Áàyà parí síbẹ̀.

Ọlọ́hun, foríjin àwa àti àwọn òbí wa. Bù sí òwò wa, wo àwọn aláìsàn wa sàn, fi àlàáfíà sí ilẹ̀ wa, jẹ́ ká rí Rámádánì. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun,

«Dájúdájú Ọlọ́hun ń pàṣẹ déédéé, ṣíṣe dáadáa àti fífún ìbátan, Ó sì ń kọ ìwà ìbàjẹ́, ohun burúkú àti àbòsí. Ó ń ṣe wáàsí fún yín kí ẹ lè rántí.» (Súrátù Náhàlì 16:90)

Áàyà parí síbẹ̀. Ẹ to sàfù yín, ẹ dìde fún ìrun.