Bùtá kejì

Ẹ má rò pé mo mu nǹkan kan o, èmi ò kí ń mu ọtí, obì nìkan ni tèmi, kí oorun má baà gbé mi lọ. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣọ́ ilé yìí ní Bódìjà, owó oṣù ò tó nǹkan (ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀), àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ní òun ká oorun mọ́ mi lójú, ẹ bi gbogbo àdúgbò.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ ni. Ọyẹ́ mú lóru yẹn, Nẹ́pà ti mú iná láti ìrọ̀lẹ́, jẹ̀n àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa gan-an ti dákẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lu irin aago mẹ́ta tán, irin tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò nínú ọgbà, mo ní kí n padà síbi bẹ́ńṣì ni mo gbọ́ tẹ́nì kan tún un lù lẹ́yìn mi, ẹ̀ẹ̀mẹta, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọdé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Bàbá kan ni, ó wọ kóòtù, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Inú géètì ló wà o, èmi náà ni mo sì fọwọ́ ara mi tì í pa, àmọ́ ilẹ̀ mọ́ kíyẹn tó sọ sí mi lọ́kàn.

Ó ní, "Ẹ kú òru o, ẹ fún mi lómi àlùwàlá." Mo gbé bùtá mi fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣe é lọ, ó ní, "Wọn ò tíì tún géètì ẹ̀yìn yẹn ṣe?" Mo ní rárá, Bàbá. Ló bá pòṣé. Òṣé yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé èèyàn ni, torí òṣé ẹni tó ti báwọn sọ̀rọ̀ títí tó sú u ni.

Láàárọ̀ mo sọ fún ìyá onílé. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọn ò pariwo, wọn ò pe pásítọ̀, wọ́n kàn ní, "Ẹsẹ̀ wo ló ń wọ́?" Mo ní ọ̀tún. Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà títí, kí wọ́n tó ní, "Owó oṣù méjì ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa."

Àtìgbà yẹn, tí ọyẹ́ bá ti dé, bùtá méjì ni mo máa ń pọnmi sí. Ti òru àná, mo gbé e sí ìdí bẹ́ńṣì sìmẹ́ǹtì, lápá ibi témi ò kí ń jókòó. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun àsùbáà ó ti ṣófo, eruku ilẹ̀ gbẹ gbáú, omi ò kán síbẹ̀. Orí bẹ́ńṣì nìkan ni àtẹ́lẹwọ́ tútù kan wà, bí ìgbà tẹ́nì kan fọwọ́ tì í kó tó dìde. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo ń wò ó. Ìka tó kéré jù ló kọ́kọ́ gbẹ, àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku àtẹ́lẹwọ́.